Ẹni Tó Kó Ọjà Sínú Apẹ̀rẹ̀ Tó sì Bá Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn oníṣòwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Yábàá, l'Ékòó)

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tá a jọ ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ kú ìjókòó o. Ọjà Balógun ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ òwò aṣọ lẹ́yìn ìyá mi kí n tó ní ìkànnì kankan.

Oníbàárà dúró nídìí àǹkárá. Ó tú u wò, ó fọwọ́ kàn án, ó bèèrè iye, ó ní ó ti wọ́n jù, ó sì kẹ́yìn síbẹ̀. Kò ní í rìn jìnnà tẹ́ ẹ fi máa pè é: "Àǹtí, ẹ padà wá!" Ohun tó ń jẹ́ kí ìpè yẹn mú un padà ni pé ẹ ti gbọ́ ohun tó sọ kó tó lọ. Bó bá jẹ́ pé owó ló bá a jà, ọ̀rọ̀ owó lẹ ó bá a sọ. Bó bá jẹ́ àwọ̀, kó tó yíjú padà lẹ ó ti fa àwọ̀ mìíràn yọ. Lórí ìkànnì, oníbàárà yìí kan náà á kó yáàdì mẹ́fà sínú apẹ̀rẹ̀, á dé ibi ìsanwó, á sì pòórá láìsọ nǹkan kan. Ẹ ò rójú ẹ̀, ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀, ẹ ò sì lè pè é, àfi tó bá ti kọ ímeèlì ẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n fi àpótí ímeèlì sí nígbàkigbà tẹ́nì kan bá ní kí n bá òun wo ìkànnì òun. Ọ̀pọ̀ máa ń béèrè orúkọ, àdírẹ́sì, bọ́sítọ́ọ̀pù àti nọ́ńbà fóònù, wọ́n á wá fi ímeèlì sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ti rẹ̀ nígbà tó dé bọ́sítọ́ọ̀pù ti lọ nìyẹn, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún yín. Ímeèlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà, kó dá dúró lójú ewé tirẹ̀, kí bọ́tìnì "Ẹ tẹ̀ síwájú" wà lábẹ́ ẹ̀. Tó bá ti tẹ bọ́tìnì yẹn, ó ti wọlé sínú àkójọ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé ìdí owó. Ẹ má sì fipá mú un láti ṣí àkáǹtì kó tó rajà. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ oníbàárà ní Balógun.

Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ímeèlì náà ṣe fún un. Èyí la kọ sábẹ́ àpótí tiwa: "Ibí la máa fi rísíìtì yín ránṣẹ́ sí. Bẹ́ ẹ bá fi ọjà sílẹ̀ láìsanwó, a máa rán yín létí." Ìpolówó ọjà tuntun yàtọ̀ sí ìyẹn. Òun náà ní àpótí kékeré tiẹ̀ tí oníbàárà á fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, ẹ má bá a tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Láti ọdún 2023 la ti ní òfin ìdáàbòbò ìwífún ẹni ní Nàìjíríà, ó sì fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ nígbàkigbà pé òun ò fẹ́ ìpolówó yín mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra àkójọ ímeèlì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá yín pàdé rí á sọ fún Jímeèlì pé pàǹtí ni lẹ́tà yín, ẹ̀sùn yẹn á sì ba ọ̀nà jẹ́ fún lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí àwọn oníbàárà yín gidi.

Ẹnì kan bi mí pé àwọn ará Èkó kì í ka ímeèlì, pé Wásáàpù ni tiwọn. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní ba yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà àléètì báńkì àti rísíìtì ń wọnú ímeèlì ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì máa ń wò ó nígbà tí ọ̀rọ̀ owó bá wà nílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ẹ́ sanwó tán ní wákàtí kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ owó ṣì wà nílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó lọ láìsọ̀rọ̀. Mo ní kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀. Ibi tó dúró sí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ̀rọ ìtajà yín ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú ewé báyìí ló dé kẹ́yìn, àwọn tó sì ń ka àkọsílẹ̀ yẹn ò pọ̀ rárá. Ẹni tó kọ ímeèlì nìkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iye gbogbo ẹ̀ ló fẹ́ mọ̀. Ẹni tó kọ àdírẹ́sì tán, tó rí owó dẹlífárì, tó sì lọ, owó dẹlífárì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó dé ibi káàdì, tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì tí kò wọlé, ó fẹ́ rajà, báńkì tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dí i lọ́wọ́. Lẹ́tà kan náà kò lè pe àwọn mẹ́ta yìí padà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Ìyá Ìkòròdú. Ó mú àdìrẹ yáàdì márùn-ún, 4,000 náírà ni yáàdì kan, ó di 20,000. Ó kọ àdírẹ́sì ẹ̀, owó dẹlífárì 5,500 sì yọ lójijì. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà tí màá kọ sí i nìyí:

"Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Àdìrẹ aláró yáàdì márùn-ún tẹ́ ẹ mú ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀ yín, 20,000 náírà. Ọlọ́kadà láti Yábàá dé Ìkòròdú ló sọ dẹlífárì di 5,500. Bẹ́ ẹ bá lè gbà á ní Kẹtú, 2,000 ni. Ẹ tẹ ibí kẹ́ ẹ yan èyí tó rọ̀ yín lọ́rùn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè nǹkan kan, ẹ fèsì sí lẹ́tà yìí, èmi fúnra mi ni màá kà á."

Àwòrán aṣọ náà gan-an á wà lókè, kì í ṣe àwòrán ṣọ́ọ̀bù. Bọ́tìnì náà á gbé e padà sínú apẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ pẹ̀lú ọjà tó ti kó síbẹ̀, torí bó bá jẹ́ ojú ewé àkọ́kọ́ ló já sí, kò ní tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá àdìrẹ. Ẹ fi fóònù yín dán bọ́tìnì náà wò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ wò ó pé mi ò dín kọ́bọ̀ kan kúrò nínú owó aṣọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ẹ̀dínwó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Balógun sí ẹni tó ń já owó wálẹ̀ bí oníbàárà bá ti kẹ́yìn: láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ọjà á ti mọ̀ pé kẹ́yìn sí i ni, á dín in. Oníbàárà orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ń kọ́ ọ. Bí mo bá máa fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀dínwó, lẹ́tà kẹta ni, ẹni tí kò tíì rajà lọ́wọ́ wa rí nìkan ló sì wà fún.

Mo ń fi lẹ́tà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan, èkejì ní ọjọ́ kejì, ẹ̀kẹta ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn, mo dákẹ́.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí ó dùn mí gan-an. Ọkùnrin kan ní Súrùlérè fi tíráńsífà san 38,000 náírà. Owó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, àmọ́ kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Wákàtí kan pé, ẹ̀rọ wa kọ̀wé sí i pé ọjà rẹ̀ ṣì ń dúró dè é, kó wá sanwó. Ó rò pé a ti jẹ owó òun, a tún ń béèrè òmíràn. Ó ní ìdí láti bínú. A dá owó ẹ̀ padà, a bẹ̀ ẹ́, kò padà wá mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí a bá ti fi nọ́ńbà àkáǹtì hàn kì í gba lẹ́tà ìránnilétí. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, tí owó kò bá tíì dé, lẹ́tà tiẹ̀ lọ báyìí: "A kò tíì rí owó yín. Bẹ́ ẹ bá ti san án, ẹ má san án lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi ẹ̀rí ìsanwó fèsì sí lẹ́tà yìí." Kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó jáde, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tún wò bóyá ẹni náà ti sanwó, torí ẹni tó ra ọjà láàárọ̀ kò yẹ kó gba ìpè ní ìrọ̀lẹ́.

Bí lẹ́tà bá ń bọ́ sínú àpótí pàǹtí, gbogbo èyí já sófo. Ẹ má fi àdírẹ́sì Jímeèlì ọ̀fẹ́ ṣe olùránṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ lo àdírẹ́sì tó ń jẹ́ orúkọ ìkànnì yín, kẹ́ ẹ sì ní kí ẹni tó ṣe ìkànnì náà fi SPF, DKIM àti DMARC sí i. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà náà lóòótọ́. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Jímeèlì àti Yáhù ti ń béèrè gbogbo wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ránṣẹ́ púpọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ̀sùn pàǹtí má dé mẹ́ta nínú 1,000. Ẹ jẹ́ kí líǹkì "Mi ò fẹ́ mọ́" wà níbi tójú tó o. Ẹni tí kò bá rí i, bọ́tìnì pàǹtí ló máa tẹ̀.

Ó ku bá a ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fi iye àwọn tó ṣí lẹ́tà ṣírò. Láti ọdún 2021, áàpù ímeèlì Apple tó wà lórí iPhone lè gba àwòrán inú lẹ́tà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì dà bíi pé ènìyàn ló ṣí i. Iye àwọn tó padà wá sanwó ni kẹ́ ẹ kà. Ìyẹn náà sì lè tàn yín jẹ, torí àwọn kan máa padà wá láìsí lẹ́tà, bí owó oṣù bá ti wọlé.

Ẹ pín wọn sí méjì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 200 ló fi ọjà sílẹ̀ lóṣù kan. Ẹ kọ̀wé sí 100, ẹ fi 100 sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí wọn, kẹ́ ẹ má ṣa wọn yàn. Bí 14 bá padà wá nínú àwọn tẹ́ ẹ kọ̀wé sí, tí mẹ́jọ sì padà nínú àwọn yòókù, mẹ́fà ni lẹ́tà yín pè wá, kì í ṣe 14. Bí 200 bá kéré jù, ẹ máa bá a lọ fún oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gba iye náà gbọ́, torí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó ṣèèṣì padà lè yí gbogbo ìṣirò oṣù kan po.

Ẹni tí kò bá padà lẹ́yìn lẹ́tà kẹta, tó sì ti tẹ àpótí ìpolówó, ẹ lè kọ̀wé sí i nígbà tí àdìrẹ tuntun bá dé. Ẹni tí kò tẹ̀ ẹ́, kò sóhun tá a tún fẹ́ fi ímeèlì ẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, a máa ń pa tirẹ̀ rẹ́.