«Ọmọ yín ti tún dé o»: ká tún mẹ́sééjì tíṣà sí òbí kọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tíṣà. Mẹ́sééjì kan péré la máa tú palẹ̀ lónìí. Tíṣà kan ló gbé e wá bá mi lẹ́yìn tó ti fi ránṣẹ́ tán, tí ìyá ọmọ sì ti da èsì gbígbóná padà. Orúkọ wọn ò kàn wá, ká pe ọmọ náà ní Lágbájá, ká pe ìkejì ní Tàmẹ̀dò. Ohun tó kọ rèé:

«Mọ́mì Lágbájá, ọmọ yín ti tún dé o. Àtàárọ̀ ló ti ń da kíláàsì mi rú, kì í jókòó, alágídí gbáà ni. Díẹ̀ ló kù kó fọ́ Tàmẹ̀dò lójú. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ o, ó ti sú mi.»

Ẹ má rẹ́rìn-ín, gbogbo wa la ti kọ irú ẹ̀ rí. Kì í ṣe pé tíṣà yìí burú, inú ló ń bí i, fóònù sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan gbólóhùn kankan, ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ bi í. Mo ní «àtàárọ̀» tẹ́ ẹ wí yìí, ìgbà mélòó ló dìde gan-an? Ó ronú, ronú, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà wo? Ó ní lẹ́yìn ìsinmi ni, nígbà tí wọ́n ń da iṣẹ́ kọ láti ara bọ́ọ̀dù. Ojú Tàmẹ̀dò ńkọ́? Ó ní rọ́bà ìpawérẹ́ ni Lágbájá jù, èjìká ló bà, kò dá nǹkan kan sí i lára. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kéré sí i! Ọ̀rọ̀ tó dà bí ogun tẹ́lẹ̀ ti di ohun ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ kan pàtó, ìyẹn gan-an sì ni òbí lè ràn wá lọ́wọ́ lé lórí. Tẹ́ ẹ bá kàn lọ ń wá ọ̀rọ̀ dídùn fi rọ́pò ọ̀rọ̀ kíkan láì béèrè nǹkan wọ̀nyí, irọ́ tó ti wọṣọ tó mọ́ lẹ máa fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀ fúnra wọn. «Ti tún dé»: ọ̀rọ̀ kékeré yìí, «tún», òun ni ìyá kọ́kọ́ gbọ́, ó ti mọ̀ pé ẹjọ́ ló délé kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. «Kì í jókòó» ńkọ́? Èdè wa ló ń bá wa ṣọ̀tẹ̀ níbí o. Tẹ́ ẹ bá ní «kò jókòó», òní lẹ̀ ń sọ, tẹ́ ẹ bá ní «kì í jókòó», ìwà ọmọ látọjọ́ tó ti dáyé lẹ sọ yẹn. Ìyàtọ̀ ìdájọ́ àti ìròyìn wà nínú «kò» àti «kì í», mo sì ti rí i pé tí tíṣà bá kàn lọ yẹ gbogbo «kì í» àti «máa ń» tó wà nínú mẹ́sééjì ẹ̀ wò, ìdajì iṣẹ́ ti parí. «Alágídí» ò sì sọ nǹkan kan tójú rí. Ẹnìkan ò lè ya fọ́tò agídí, àmọ́ a lè ya fọ́tò ọmọ tó dìde lórí àga.

Orúkọ Tàmẹ̀dò náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹlòmíì kọ́ la wá sọ fún ìyá yìí, tó bá sì rí orúkọ yẹn, ó lè jẹ́ pé ìyá Tàmẹ̀dò ló máa kọ́kọ́ pè lálẹ́ ọjọ́ náà, ìjà tí ò sí tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ìyá Tàmẹ̀dò á gba mẹ́sééjì tiẹ̀ lọ́tọ̀, láìsí orúkọ Lágbájá níbẹ̀.

Èyí tó kàn mí jù ni «ẹ bá a sọ̀rọ̀ o». Kí ni kó sọ? Òbí míì ò mọ ìtumọ̀ míì fún un ju pé kó na ọmọ, ọmọ á sì wá síléèwé lọ́la pẹ̀lú ìbẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń gbé e dìde ṣì wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan tí òbí lè dáhùn ló yẹ kó rọ́pò ẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí tíṣà tún un kọ, ó bọ́ sí kòtò kejì. Ó ní: «Ẹ kú iṣẹ́ mà, Lágbájá ní okun púpọ̀ lónìí, ọmọ tó láyọ̀ ni.» Háà! Ìyá máa fi ìmójì ẹ̀rín fèsì, ó tán. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá pè é síléèwé, á ní ẹ ò sọ fún òun rí, òótọ́ ló sì máa sọ. Ọ̀wọ̀ ò ní ká gbé rọ́bà tó jù pamọ́.

Èyí tá a jọ kọ gbẹ̀yìn rèé:

«Ẹ káàsán mà. Èmi tíṣà Lágbájá ni. Lónìí lẹ́yìn ìsinmi, nígbà tá à ń da iṣẹ́ kọ láti ara bọ́ọ̀dù, ó dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ síwájú, nígbà tí mo ní kó padà, ó ju rọ́bà, ó sì ba ọmọ kan léjìká. Ọmọ náà ò fara pa. Mo bá Lágbájá sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tọrọ àforíjì, ó sì parí iṣẹ́ ẹ̀. Láti ọ̀la, ìjókòó iwájú ló máa wà. Ṣé ẹ ti kíyè sí nǹkan kan nílé tó bá ń kàwé tàbí kọ̀wé? Màá kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ Ẹtì lórí bó ṣe ń lọ.»

Ẹ kíyè sí i pé a ò kọ ọ́ pé «bóyá ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa». Ó wá sí wa lọ́kàn o, ṣùgbọ́n tíṣà kì í ṣe dókítà, bọ́ọ̀dù àti ìdìde síwájú la rí, ìyẹn la kọ. «Ó parí iṣẹ́ ẹ̀» náà kì í ṣe ìpọ́nni, òótọ́ ni, ó kàn jẹ́ pé ìbínú ò jẹ́ kí tíṣà rántí ẹ̀ ní àkọ́kọ́.

Fọ́ìsì nóòtì ńkọ́? Mi ò fẹ́ ẹ rárá fún irú ọ̀rọ̀ yìí, ìbínú ń bẹ nínú ohùn, wọ́n sì lè gbé e sókè létí ọmọ. Gúrúùpù òbí kíláàsì ńkọ́? Ẹ má tiẹ̀ bi mí.

Nǹkan méjì wà tá ò gbọ́dọ̀ fi mẹ́sééjì sọ. Tí ọmọ bá fara pa, ẹ pe òbí lórí fóònù kíákíá, kó tó rí ọgbẹ́ lára ọmọ fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń fura pé ẹnìkan nílé ló ń ṣe ọmọ léṣe, ẹ má kọ nǹkan kan sílé, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń mójú tó ààbò ọmọ níléèwé ni kẹ́ ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí mẹ́sééjì yín lè dá kún ìyà ọmọ lálẹ́.

Èsì ló máa ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ó bọ́ síbi tó yẹ. Tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tàbí ìjà ló ń bọ̀ látọ̀dọ̀ òbí, ẹjọ́ ló rí kà. Tó bá jẹ́ ìmójì àtàǹpàkò lásán, ó lè jẹ́ pé kò rí nǹkan kan dì mú. Nígbà tí tíṣà fi èyí tá a tún kọ ránṣẹ́, ìyá Lágbájá dáhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní: «Ẹ ṣé mà. Nílé náà, àfi kó lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fimú kan tẹlifíṣọ̀n kó tó wò ó, mo rò pé àṣejù ni.»