Bí kọ̀ntírátọ̀ ṣe ń gba ìdajì tó kù nínú owó ìdádúró rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn kọ̀ntírátọ̀ ilé sọ ní Yábàá ni mo kọ sílẹ̀ síbí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé àwọn fẹ́ kí ó wà níbi tí àwọn á ti lè padà kà á. Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Gbogbo wa la mọ bí owó ìdádúró ṣe ń kóra jọ. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá díwọ̀n iṣẹ́ tí a ti ṣe, onílé á yọ díẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó sanwó, kí ó lè ní nǹkan lọ́wọ́ bí a bá kọ̀ láti padà wá tún àbùkù ṣe. Bí iṣẹ́ bá parí, ìdajì á jáde. Ìdajì kejì á dúró títí àsìkò àbùkù fi máa pé, oṣù mẹ́fà nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ọdún kan nínú àwọn míì. Ìdajì kejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi lónìí, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ kọ̀ntírátọ̀ ní Èkó ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ẹ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ní fúláàtì mẹ́fà fún Alhaja kan ní Sùúrùlérè. Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦84,000,000. Àdéhùn sọ pé kí wọ́n máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nínú gbogbo owó tí wọ́n bá díwọ̀n, títí owó tí wọ́n yọ á fi tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́, ìyẹn ₦4,200,000. Nígbà tí iṣẹ́ dé ₦20,000,000, wọ́n ti yọ ₦2,000,000. Nígbà tí ó dé ₦42,000,000, owó tí wọ́n yọ ti pé ₦4,200,000, láti ìgbà náà lọ wọn kò yọ nǹkan kan mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2024, ayàwòrán ilé fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti parí, Alhaja sì san ₦2,100,000. Ó ku ₦2,100,000 mìíràn.

Ọjọ́ yẹn, ọjọ́ 15 oṣù kẹta, ni ẹ gbọ́dọ̀ rí dájú ju gbogbo nǹkan lọ. Láti ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́ ni àsìkò àbùkù ti ń kà. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fún Alhaja ní kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí àwọn ayálégbé kó wọlé. Mo ti rí onílé tó ń ka oṣù mẹ́fà láti ìgbà tí ayálégbé ìkẹyìn wọlé. Bí ìwé ẹ̀rí bá wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ yẹn tán. Bí kò bá sí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn tí ẹ kò ní ẹ̀rí fún. Níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ láìsí ìwé, tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu àti àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù nìkan ló wà, ẹ kó àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ tí ẹ fi ilé lé onílé lọ́wọ́ pamọ́, òun ni yóò dúró fún ìwé náà.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Nínú àdéhùn Alhaja, gẹ́gẹ́ bí ó ti sábà máa ń rí nínú fọ́ọ̀mù àdéhùn ìkọ́lé tí a ń lò, pípé oṣù mẹ́fà nìkan kọ́ ló ń tú ìdajì kejì sílẹ̀. Owó náà yóò jáde nígbà tí àsìkò bá pé, tàbí nígbà tí ayàwòrán ilé bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí pé gbogbo àbùkù ti di títúnṣe, èyíkéyìí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Kọ̀ntírátọ̀ tó kàn jókòó títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, tó wá kọ lẹ́tà pé “àsìkò ti pé, ẹ fún mi lówó mi,” ohun tí kò tíì tọ́ ló ń béèrè. Onílé á dákẹ́, ayàwòrán á dákẹ́, oṣù á máa gorí oṣù.

Nítorí náà, lẹ́tà tó ń mú owó jáde ni èyí tí ẹ kọ ṣáájú kí àsìkò tó pé. Nínú àpẹẹrẹ wa, ní ìparí oṣù kẹjọ, ẹ kọ sí ayàwòrán ilé, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Alhaja. Ẹ kọ̀wé báyìí: “Àsìkò àbùkù ilé yìí yóò pé ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án. Mo ń bẹ̀ yín kí a jọ yẹ ilé wò ní ọjọ́ kejì oṣù náà, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kí ẹ lè kọ gbogbo àbùkù tí ẹ bá rí sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sì tún wọn ṣe.” Gbólóhùn “ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo” yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ohun tó ń pa owó ìdádúró ni àkọsílẹ̀ àbùkù tó ń yọ díẹ̀díẹ̀: lónìí ilẹ̀kùn, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ táìlì, lóṣù tó ń bọ̀ ọ̀dà. Nínú fọ́ọ̀mù tí mo wí yìí, ayàwòrán ní ọjọ́ 14 péré lẹ́yìn tí àsìkò bá pé láti fi àkọsílẹ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí kọ̀ntírátọ̀. Ẹ ka tiyín dáadáa, kí ẹ mọ iye ọjọ́ tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò dé. Ẹ̀yin, ayàwòrán àti Alhaja jọ ń rìn láti yàrá dé yàrá. Ẹ mú ẹni tó ń kọ̀wé lọ́wọ́, ẹ sì mú owó wẹ́wẹ́ kan dání. Ẹ máa fi kan táìlì ilé ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí símẹ́ńtì kò dé abẹ́ rẹ̀ á dún gbóló-gbóló bí ohun tó ṣófo, bí ẹsẹ̀ bá sì ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, yóò là. Ilé ìwẹ̀ méjì ní irú táìlì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi yín ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá kan ti wọ́, kò tì mọ́. Ẹ̀bi káfíńtà yín ni, igi tí kò gbẹ ló lò. Ògiri méjì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ́ńdà, ẹ óò dí i, ẹ óò sì kùn ún.

Àjà ń kọ́? Alhaja ní omi wọ fúláàtì òkè ní oṣù kẹfà. Níbí ni òjò Èkó wúlò fún yín. Àsìkò àbùkù tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ti la oṣù kẹfà àti ìkeje kọjá, ìgbà tí òjò ń rọ̀ jù, nítorí náà òrùlé ti gba ìdánwò tó le jù. Ilé tí wọ́n bá fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá, oṣù karùn-ún ni oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé, kí òjò tó le. Ẹ má bá onílé bẹ́ẹ̀ bínú bí ó bá ń ṣiyèméjì nípa òrùlé, ó ní ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí omi gbà wọlé, ẹ fi rọ́bà omi da omi sórí páànù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, apá kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹnì kan wà lábẹ́ àjà tó ń wò ó. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn bo gbogbo ibi tó kù, ẹ kò sì ní mọ èwo ló jò. Nínú àpẹẹrẹ wa, ibi tí òrùlé méjì ti pàdé ni, páànù kò gun ara wọn tó níbẹ̀.

Alhaja fi nǹkan méjì kún un. Ó ní pọ́ńpù omi ti jó, ó sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì iná tuntun sí palọ̀ ìsàlẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kì í ṣe àbùkù, iṣẹ́ tuntun ni, owó tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ti pọ́ńpù gba pé kí ẹ tú u. Rọ́bà inú rẹ̀ ti yọ́, ẹnì kan sì ti so wáyà súwíìṣì tí í pa pọ́ńpù nígbà tí omi bá tán pọ̀, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Wọ́n ti lò ó láìsí omi nínú kànga. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi iṣẹ́ yín. Ẹ ya fọ́tò wáyà náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì ní kí ayàwòrán kọ ohun tó rí síbẹ̀.

Ẹ tún gbogbo tiyín ṣe tán ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, ẹ kọ̀wé sí ayàwòrán pé kí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí àtúnṣe ní ọjọ́ 27, ìgbà yẹn gan-an ni lẹ́tà ìbéèrè owó tọ́. Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ gùn: orúkọ iṣẹ́, ọjọ́ ìwé ẹ̀rí ìparí, ọjọ́ ìwé ẹ̀rí àtúnṣe, ₦4,200,000 tí wọ́n yọ, ₦2,100,000 tí wọ́n ti san, ₦2,100,000 tó kù, iye ọjọ́ tí àdéhùn fún onílé láti san, àti nọ́ńbà báńkì yín. Ẹ so ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí méjèèjì mọ́ ọn. Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ kún un, ẹ má sì fi ìhàlẹ̀ kún un. Owó iṣẹ́ yín ni.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ayàwòrán fẹ́ fọwọ́ sí i, àmọ́ kí Alhaja ṣì máa ranjú mọ́ ọ̀rọ̀ pọ́ńpù. Má jẹ́ kí nǹkan ₦180,000 dá ₦2,100,000 dúró. Ẹ lọ bá a: “Alhaja, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ pọ́ńpù ṣì wà nílẹ̀ láàárín wa, ẹ fi ₦180,000 sílẹ̀ lọ́wọ́ yín títí a ó fi parí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ₦1,920,000 sílẹ̀ fún mi.” Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kí ẹ méjèèjì fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí púpọ̀, nítorí onílé tí kò tanni jẹ kì í sábà ní ìdí láti kọ̀ ọ́.

Nígbà míì ayàwòrán gan-an ni kò fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, nítorí onílé kò tíì san owó tirẹ̀. Ìyẹn kò kan yín. Ẹ kọ̀wé sí onílé pé ayàwòrán rẹ̀ kò dáhùn, kí ó ní kí ó wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kí ó yan ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Bí gbogbo ìwé bá pé tí onílé kò sì san, ẹ wo àdéhùn yín kí ẹ tó gbéra. Bí ó bá ní kí ẹ lọ síwájú onílàjà, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Onílẹ̀kùn Púpọ̀ ti Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ń bá èèyàn yanjú irú rẹ̀. Bí àdéhùn kò bá dí ọ̀nà náà, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀sùn Kéékèèké Èkó ń gba gbèsè tó dájú tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ₦2,100,000 sì wọ inú rẹ̀. Ẹ kíyè sí “gbèsè tó dájú.” Bí ìwé ẹ̀rí àtúnṣe bá wà lọ́wọ́ yín, gbèsè lẹ ń béèrè. Bí kò bá sí, adájọ́ á rí àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ ilé, á sì ní láti gbọ́ ẹ̀rí lórí táìlì àti òrùlé kí ó tó sọ̀rọ̀ owó.

Ẹnì kan béèrè lọ́jọ́ náà bóyá gbígba owó yìí ti parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú onílé. Rárá o. Àbùkù tó fara pamọ́, bí irin tí kò tó nínú kànkéré, ṣì lè mú kí onílé pè yín lẹ́jọ́ lẹ́yìn èyí. Ẹ sọ fún Alhaja bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà tí ó bá ń bẹ̀rù pé bí òun bá ti tú owó sílẹ̀, òun kò ní rí yín mú mọ́. Ní ti ẹ̀yin náà, òfin Èkó fún ẹni tó ń béèrè owó lórí àdéhùn lásán ní ọdún mẹ́fà láti ìgbà tí owó náà ti tọ́ sí i. Kọ̀ntírátọ̀ tó gba ìwé ẹ̀rí ní oṣù kẹsàn-án 2024 tí ó ń ti ìbéèrè rẹ̀ síwájú nítorí ìtìjú ní títí di ọdún 2030, lẹ́yìn náà kò ní lè gba owó náà nílé ẹjọ́ mọ́.