Wọ́n pín owó iná dọ́gba, kò sì tọ́: bí a ṣe ń kọ ọ́ sí onílé pẹ̀lú ìṣirò

Ẹ káàbọ̀ o. Lẹ́tà la fẹ́ kọ lónìí, lẹ́tà sí onílé lórí owó iná tí wọ́n pín tí kò bá wa lára mu. Ilé tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ wà ní Òkè-Bàálẹ̀, níbí ní Òṣogbo. Mítà kan ṣoṣo, ayálégbé mẹ́rin. Mẹ́ta ń gbé inú ilé, ẹnì kẹrin ló ya ṣọ́ọ̀bù iwájú, ó ń ta mínírà tútù. Ní oṣù Kẹsàn-án, ₦30,000 ni wọ́n fi ra iná. Bàbá onílé pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: kálukú, ₦7,500. Ẹni tó wà ní Yàrá 3, tó jẹ́ fáànù kan, tẹlifíṣọ̀n kan, áyọ́ọ̀nù kan, fóònù àti gílóòbù mẹ́ta ló ní, iye tí wọ́n ní kó mú wá kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ní fírísà méjì.

Bó bá rí báyìí, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé owó náà ti pọ̀ jù fún yín. Gbogbo ayálégbé ló ń sọ bẹ́ẹ̀, onílé ò sì ní kà á dé ìsàlẹ̀. Ìṣirò ni kí ẹ kọ.

Ara rìsíìtì la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo rìsíìtì tókìn oṣù náà ránṣẹ́ sí yín lórí Wasáàpù. Ẹ kọ iye yúníìtì sílẹ̀, ẹ wá wò ó bóyá ìlà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ `Debt` tàbí `Arrears` sí. Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ìlà yìí, ó sì ń jẹ owó. Bí gbèsè àtijọ́ bá wà lọ́rùn ilé, nígbàkígbà tí ẹ bá ra iná, wọ́n á kọ́kọ́ yọ díẹ̀ nínú owó náà fún gbèsè, ìyókù ni wọ́n á fún yín ní yúníìtì. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦3,000 ló bá gbèsè lọ. Ẹni Yàrá 3 kó wọlé ní oṣù Kẹfà, gbèsè náà sì ti wà kó tó dé. Ti onílé àti àwọn tó jẹ ẹ́ nìyẹn.

Owó tó ra iná gan-an jẹ́ ₦27,000, ó sì mú yúníìtì 360 wá. Ẹ fi 360 pín ₦27,000: ₦75 ni yúníìtì kan. Ẹ má lọ lo iye tí ẹ gbọ́ lórí rédíò, torí owó orí ọjà, ìyẹn VAT 7.5%, kì í sí nínú rẹ̀. Owó tó jáde lápò yín, ẹ fi yúníìtì tó wọlé pín in. Ó parí.

Ó wá kan ohun tí kálukú ń lò.

```
wáàtì × wákàtí lójúmọ́ × 30 ÷ 1000 = yúníìtì
```

Wáàtì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Wákàtí tí iná wà NÍTÒÓTỌ́ ni kí ẹ lò. Bí iná bá ń wà fún wákàtí 10 lójúmọ́ ládùúgbò yín, fíríìjì yín kò lè jẹ iná wákàtí 24. Kódà kò ní jẹ ti 10 tán, torí ẹ̀rọ inú rẹ̀ máa ń kú nígbà tó bá ti tutù tó, á tún padà gbéra. Fún fíríìjì ilé, ẹ mú ìdajì: wáàtì 150, wákàtí 5, yúníìtì 22.5 lóṣù. Fírísà ṣọ́ọ̀bù kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ṣí i léraléra, wọ́n ń kó mínírà gbígbóná sí i. Wákàtí 8 nínú 10 ló tọ́ sí i.

Yàrá 3 nìyí. Fáànù wáàtì 70, wákàtí 8: 16.8. Gílóòbù mẹ́ta, wáàtì 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 6: 5.4. Tẹlifíṣọ̀n wáàtì 80, wákàtí 4: 9.6. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1000, wákàtí méjì ààbọ̀ láàárín oṣù: 2.5. Fóònù: 0.7. Àpapọ̀ rẹ̀, yúníìtì 35.

Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù, Yàrá 1, tó ní fíríìjì àti fáànù méjì, á jẹ́ 75. Yàrá 2 ń fi sítóòfù iná wáàtì 1000 dáná fún wákàtí kan lójúmọ́. 30 nìyẹn nìkan, àpapọ̀ rẹ̀ 50. Ṣọ́ọ̀bù: fírísà méjì, wáàtì 200 lọ́kọ̀ọ̀kan, 96, fáànù àti gílóòbù, 24, àpapọ̀, 120. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga fún gbogbo ilé: 20. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 300 ni.

Ẹ dúró níbẹ̀. ẸSẸ̀ Ń YỌ̀ NÍBÍ. Mítà ní 360, ìṣirò wa ní 300. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú 35 wọn, wọ́n á fi ₦75 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á ní, "Bàbá, ₦2,625 lowó tèmi." Bàbá á kàn bi wọ́n ní ìbéèrè kan: "Ta ni kó wá san yúníìtì 60 tó kù?" Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. ₦4,500 wà nílẹ̀ tí kò lólówó.

Ẹ lọ wo ìdí ẹ̀rọ ata ní Ọjà-Ọba. Ìyá kan gbé ata kóńgò 1 wá, èkejì gbé kóńgò 2, wọ́n ní kí ẹlẹ́rọ bá àwọn lọ̀ ọ́ pọ̀. Ó bu omi sí i, ohun tó jáde kò rí bí ohun tó wọlé mọ́. Ìyá àkọ́kọ́ kò ní fi kóńgò tó gbé wá wọn tirẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló máa bù, ìdá méjì ni ti èkejì, ì báà pọ̀, ì báà kéré. Bí a ṣe máa pín yúníìtì náà nìyẹn.

Ẹ fi 300 pín 360: 1.2. Ẹ wá fi 1.2 sọ yúníìtì KÁLUKÚ di púpọ̀. Yàrá 3, tó jẹ́ 35, di 42. Yàrá 1 di 90. Yàrá 2 di 60. Ṣọ́ọ̀bù di 144. Ẹ̀rọ omi di 24. Ẹ rò ó pọ̀: 360 géérégé! Kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Mo tún un sọ: ÀPAPỌ̀ ÌṢIRÒ YÍN GBỌ́DỌ̀ BÁ MÍTÀ DỌ́GBA KÍ Ẹ TÓ FI OWÓ SÍ I.

Bí àlàfo náà bá mọ níwọ̀n báyìí, ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí tí a fojú bù, ilẹ̀kùn fírísà tí kò pa dé dáadáa, àti ohun kéékèèké tí a gbàgbé. Bó bá wá jẹ́ pé ìṣirò yín kò ju ìdajì ohun tí mítà kà lọ, ẹ má tíì kọ lẹ́tà. Nǹkan kan ń jẹ iná tí kò sí nínú ìwé yín. Ẹ ní kí gbogbo ilé pa iná wọn pátápátá, kí ẹ wo mítà. Bí iná pupa kékeré ojú rẹ̀ bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ pe oníná kó tọ wáyà náà lọ.

Iná pupa yẹn tún wúlò fún ẹni tó bá ń jiyàn wáàtì. Bí wọ́n bá kọ `1000 imp/kWh` sójú mítà, ẹ fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú 6, ẹ fi 0 kan sí i lẹ́yìn. Ìgbà 7, wáàtì 70. Bó bá jẹ́ orí òpó ni mítà wà, ẹ wo yúníìtì tó kù lójú bọ́tìnì inú ilé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, ẹ tún wò ó.

Owó omi, ẹ pín in dọ́gba, kí àlàáfíà lè wà: 24 sí ọ̀nà 4, yúníìtì 6 kálukú. Yàrá 3 wá jẹ́ 42 àti 6, ìyẹn 48. 48 lọ́nà ₦75, ₦3,600.

Lẹ́tà náà rèé. Ẹ kọ ọ́ kúkúrú:

*Yàrá 3,*
*Òkè-Bàálẹ̀, Òṣogbo.*
*4 Oṣù Kẹwàá*

*Bàbá wa,*

*Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ BÍ A ṢE PÍN OWÓ INÁ OṢÙ KẸSÀN-ÁN*

*Ẹ kú ìtọ́jú ilé o, sà. Mo gba iṣẹ́ yín pé kí n mú ₦7,500 wá. Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ìṣirò yìí.*

*Rìsíìtì mẹ́ta tó wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí fi hàn pé nínú ₦30,000, ₦3,000 lọ fún gbèsè tó ti wà kí n tó kó wọlé. ₦27,000 tó kù ra yúníìtì 360, ₦75 fún ẹyọ kan.*

*Bí a bá fi ohun tí kálukú ń lò pín in, tí a sì pín ti ẹ̀rọ omi dọ́gba:*

*Yàrá 1: yúníìtì 96, ₦7,200*
*Yàrá 2: yúníìtì 66, ₦4,950*
*Yàrá 3: yúníìtì 48, ₦3,600*
*Ṣọ́ọ̀bù: yúníìtì 150, ₦11,250*
*Àpapọ̀: yúníìtì 360, ₦27,000*

*Mo kọ wáàtì àti wákàtí ohun kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé kejì. Bí ẹ bá rí èyí tí kò pé, mo ṣe tán láti tún un ṣe níwájú yín. ₦3,600 tèmi wà nínú àpò ìwé yìí, kí iná má bàa tán mọ́ wa lọ́wọ́.*

*Èmi ni, ayálégbé yín ní Yàrá 3.*

Ẹ kíyè sí i pé a kò pe ẹni ṣọ́ọ̀bù ní olè iná. Ohun èlò rẹ̀ nìkan la kà. Kí ẹ tó mú lẹ́tà náà lọ, ẹ fi ojú ewé kejì han òun àtàwọn yòókù, kí kálukú fọwọ́ sí ìlà tirẹ̀ pé òótọ́ ni òun ní nǹkan wọ̀nyẹn. Bó bá ní òun kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ bi í bóyá ó máa ń yọ fírísà lára iná lọ́jọ́ náà. Bó bá ń yọ ọ́, ẹ fi ọjọ́ 26 rọ́pò 30 fún un. Àmọ́ ẹ rántí o, nọ́ńbà kan tí ẹ bá yí, 1.2 náà á yí, owó gbogbo ilé á sì yí. Ẹ tún un ṣe látòkè.

Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní méjì. Ẹ fúnra yín gbé e lọ bá Bàbá nírọ̀lẹ́, lójú òun nìkan, kí ẹ kí wọn dáadáa, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kan fún yín pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á.

Bí wọ́n bá gbà, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún oṣù tó ń bọ̀: mítà kékeré kan lórí wáyà tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti pọ̀ jù. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ka mítà kékeré yẹn ni kí ẹ ka mítà ńlá, ní wákàtí kan náà, kí ẹnì kan láti inú ilé àti ẹni ṣọ́ọ̀bù jọ dúró síbẹ̀. Ẹ yọ ti ṣọ́ọ̀bù kúrò nínú àpapọ̀, kí ẹ wá fi ìyókù ṣe ìṣirò ata fún yàrá mẹ́ta àti ẹ̀rọ omi, kí ẹ sì pín ti omi sí ọ̀nà mẹ́rin bíi ti tẹ́lẹ̀.