Álátì dé, owó kò dé: bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọlọ́jà, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó sínú àkáǹtì. Oyingbo ni mo wà, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe POS. Kí n tó dé ibí, ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó nídìí tẹlifóònù ní báńkì kan, níbi táwọn èèyàn ti máa ń pè wá pé owó àwọn ti lọ. Fóònù mi rèé lórí tábìlì. Ẹ máa wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mo máa fọwọ́ tọ́ka sí ohun tí mo bá ń wí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ló jẹ́ kí n ya fídíò yìí. Ìsọ̀ bàtà ni wọ́n ní, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi, wọ́n sì ti gbà kí n sọ ọ́. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkùnrin méjì wá ra bàtà méjì lọ́dọ̀ wọn, náírà 35,000. Ọ̀kan nínú wọn tẹ fóònù rẹ̀, kò pẹ́, fóònù ẹ̀gbọ́n dún. Álátì: náírà 85,000. Ni ọkùnrin náà bá kígbe, ó ní 8 lòun ṣèèṣì tẹ̀ dípò 3. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá 50,000 padà, owó ọkọ̀ wa ni." Ẹ̀gbọ́n ò ní owó tó tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n fi ọmọ iṣẹ́ ti àwọn ọkùnrin náà, wọ́n sáré wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá àwọn yọ 50,000.

Mo ki káàdì wọn bọ ẹ̀rọ, wọ́n tẹ PIN. Ẹ̀rọ ní owó kò tó.

Ó yà wọ́n lẹ́nu, torí álátì ṣì wà lójú fóònù wọn. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló ló wà nínú àkáǹtì yìí kí 85,000 tó dé?" Wọ́n ní 23,450. A ro ó pọ̀: 23,450 àti 85,000, ó yẹ kó jẹ́ 108,450. Mo wo ìsàlẹ̀ álátì náà, níbi tí wọ́n máa ń kọ iye tó wà nínú àkáǹtì sí. 412,300 ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyẹn. Ẹni tó ń kọ álátì ayédèrú mọ nọ́ńbà àkáǹtì yín, ó mọ iye tó yẹ kó kọ, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe máa mọ iye tó wà nínú àkáǹtì yín tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ó máa fò ó dá, tàbí kó kàn fi iye kan síbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ìsọ̀ láàárọ̀, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ máa ro ó mọ́ ọn bí owó ṣe ń wọlé. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe kọ nọ́ńbà àkáǹtì náà. Ọ̀pọ̀ báńkì máa ń fi àmì ìràwọ̀ bo àárín rẹ̀ nínú álátì. Ti ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló hàn gbangba, bó ṣe wà lára káàdìbọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé kọ́ sí ìsọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wá ní, "Ṣebí orúkọ báńkì mi ló wà lókè rẹ̀, abẹ́ àwọn álátì mi àtijọ́ ló sì wà." Ibí yìí ló ti máa ń rújú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí náà ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ tó máa ń hàn lókè SMS, ẹni tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ ló ń kọ ọ́. Àwọn ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lè kọ orúkọ tó bá wù wọ́n síbẹ̀. Fóònù yín ò ní bi wọ́n léèrè ẹ̀rí. Orúkọ tó bá rí ló fi ń to iṣẹ́ jọ, torí náà bí orúkọ bá bára mu, ayédèrú á lọ jókòó sábẹ́ ojúlówó. Ipò tí SMS wà kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ní kí báńkì má fi SMS ránṣẹ́ mọ́ nítorí owó tí wọ́n ń yọ lórí rẹ̀, bí álátì SMS bá ṣàdédé dé, ẹ ti mọ̀ pé kò ti báńkì wá.

Kí wá ni ẹ̀rí? Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣí áàpù báńkì yín. Ẹ má tẹ líǹkì kankan tó wà nínú SMS o. Ẹ wo iye owó tó wà níbẹ̀, kí ẹ wá wọ inú àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Orúkọ ẹni tó san owó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye àti àkókò. Bí kò bá sí dátà, ẹ tẹ kóòdù báńkì yín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀, ẹ ní kó sọ iye tó kù fún yín. Náírà 6.98 ni wọ́n máa yọ nínú owó ìpè yín. Lórí ọjà 35,000, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ṣí áàpù. 23,450 ló wà níbẹ̀, kò sí ohunkóhun tó wọlé látàárọ̀.

Àwọn ọkùnrin náà tún ti fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ó mọ́, ó dán, àmì báńkì wà lórí ẹ̀. Áàpù wà tó ń tẹ irú rìsíìtì bẹ́ẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti báńkì kan lọ sí òmíràn nílẹ̀ Nàìjíríà, ó máa ń ní nọ́ńbà kan tí rìsíìtì ń pè ní Session ID. Ọgbọ̀n nọ́ńbà ló wà nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí èmi fúnra mi kọ rèé lójú fóònù:

```
100004260314141507385120947716
```

Ẹ pín in báyìí. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ilé tí owó ti jáde: 100004 ni ti OPay, 000013 ni ti GTBank. Mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́: 260314, ìyẹn ọdún 2026, oṣù kẹta, ọjọ́ kẹrìnlá. Mẹ́fà mìíràn ni àkókò: 141507, aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Méjìlá tó kù jẹ́ ti ìdúnàádúrà yẹn nìkan.

Rìsíìtì ẹ̀gbọ́n ní ọgbọ̀n nọ́ńbà pé pérépéré. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì ṣáájú. Rìsíìtì ẹlòmíràn ni wọ́n tún kùn. Ẹ má sì tìtorí pé ọjọ́ bára mu kí ẹ gbé ọjà sílẹ̀, torí ẹni tó gbọ́n jù wọ́n lọ lè kọ ọ́ kó bá ara mu. Nọ́ńbà yìí lè tú irọ́ fó. Kò lè sọ fún yín pé owó ti wọlé.

Ẹ ṣọ́ra ní apá kan yìí, torí mo ti rí i tí wọ́n fẹ́ lu ọmọlúàbí lórí ẹ̀. Nígbà mìíràn owó á kúrò lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà lóòótọ́, kò sì ní tíì dé ọ̀dọ̀ yín, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Rìsíìtì rẹ̀ á jẹ́ ojúlówó. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹ kàn ní, "Ẹ má bínú, owó ò tíì wọlé, ẹ jẹ́ ká jọ dúró díẹ̀." Bí ó bá pẹ́, kó gbé Session ID rẹ̀ lọ fún báńkì tirẹ̀, wọ́n á fi wá owó náà rí. Ọjà yín ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ ni ìpè kan wọlé sórí fóònù ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí wọ́n gbé e sí òde kí n gbọ́.

"Ẹ káàsán mà. Láti báńkì yín la ti ń pè." Ó pe orúkọ wọn ní kíkún, títí dórí orúkọ bàbá wọn. Ó sọ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn àkáǹtì wọn. Ó ní ẹni tó san 85,000 ti fẹjọ́ sùn, pé àwọn máa ti àkáǹtì náà pa láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. "Nọ́ńbà kan máa wọlé báyìí mà, ẹ kà á fún wa, ká lè dá owó náà padà."

Orúkọ yẹn ló mú ẹ̀gbọ́n gbà á gbọ́. Ẹ wò ó, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yín sínú áàpù rẹ̀ bí ẹni fẹ́ sanwó, orúkọ yín á hàn sí i kó tó san kọ́bọ̀. Kò gba iṣẹ́ kankan.

OTP wá wọlé lóòótọ́. Báńkì wọn gan-an ló fi í ránṣẹ́, kì í ṣe ayédèrú, ìdí nìyí tó fi léwu. Ẹ̀gbọ́n ti la ẹnu, wọ́n ti fẹ́ kà á. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tó yí nọ́ńbà náà ká ná. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kan fẹ́ ṣí áàpù báńkì wọn lórí fóònù tuntun. Kò sí ọ̀rọ̀ dídá owó padà níbẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá ka nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, ilẹ̀kùn àkáǹtì máa ṣí fún ẹni yẹn.

Ẹ máa ka gbogbo SMS OTP tán, kì í ṣe nọ́ńbà inú rẹ̀ nìkan. Báńkì ló ṣe nọ́ńbà yẹn. Kò sí ìdí tó fi máa ní kí ẹ tún kà á fún òun.

A gé ìpè náà. Ẹ má pe nọ́ńbà yẹn padà. Ẹ yí káàdì yín sẹ́yìn, nọ́ńbà báńkì wà níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Bí ìpè àkọ́kọ́ bá jẹ́ tòótọ́, wọ́n á rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé wọn.

Tí ẹ bá ti ka OTP fún wọn kí ẹ tó rí fídíò yìí, ẹ pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì náà báyìí. Ẹ ní kí wọ́n dí áàpù, káàdì àti kóòdù ìràwọ̀ yín pa. Tí owó bá ti jáde, ẹ béèrè báńkì tó gbà á, ẹ ní kí báńkì yín kàn sí wọn kí wọ́n di owó náà mú kó tó kúrò níbẹ̀. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́ ni èyí ti máa ń ṣeé ṣe jù, torí wọn kì í jẹ́ kí owó sùn síbẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ tí ẹ fi sùn. Tí báńkì bá dákẹ́, ẹ kọ̀wé sí Báńkì Àpapọ̀ ní cpd@cbn.gov.ng, ẹ fi nọ́ńbà ẹjọ́ náà sí i.

Nígbà tí a fi máa padà dé ìsọ̀, àwọn ọkùnrin náà ti gbé bàtà méjèèjì lọ. Ọmọ iṣẹ́ rí álátì kí ẹ̀gbọ́n tó jáde, ó rò pé wọ́n ti sanwó. Ìyẹn lọ o, 35,000.

Mo wo káàdìbọ́ọ̀dù ara ògiri. Orúkọ báńkì, nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ wọn, àti nọ́ńbà fóònù, gbogbo rẹ̀ lójú kan. Láìní ìlà fóònù yẹn, ẹni tó pè wọ́n kì bá mọ ibi tó máa pè sí. Ní Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n ra ìlà tuntun, wọ́n lọ sí báńkì fúnra wọn kí wọ́n fi rọ́pò ti àtijọ́ lórí àkáǹtì. Ìlà tuntun yẹn ò sí lára ògiri, àwọn ọmọ wọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n sì yẹ nọ́ńbà fóònù kúrò lára káàdìbọ́ọ̀dù àkáǹtì. Àkáǹtì títà ti wá yàtọ̀ sí àkáǹtì ilé. Fóònù kékeré kan wà ní ìsọ̀ báyìí, áàpù àkáǹtì títà wà lórí rẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ sì tó di bàtà sínú náílọ́ọ̀nù, ó máa kọ́kọ́ pe iye tó rí níbẹ̀ sókè kí ẹ̀gbọ́n gbọ́.