Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ẹlasitísítì Láti Inú Fọ́tò: Gàrí ní Akẹ̀sán

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹlasitísítì ni bí iye ọjà tí àwọn èèyàn ń rà ṣe ń yí padà tó nígbà tí owó rẹ̀ bá yí padà. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká sọ pé ìyá kan tó ń ta gàrí lọ́jà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ fi fóònù ya ojú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, owó kóńgò kan yàtọ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè ìyá ni pé: ṣé kí òun tún fowó lé e?

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣírò. Ẹ kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú fọ́tò kọ sínú ìwé tiyín.

```
Owó (₦)   Kóńgò tó tà   Owó tó wọlé (₦)
800       100           80,000
900       96            86,400
1,000     88            88,000
1,100     72            79,200
```

Ẹ fa fọ́tò náà tóbi, kẹ́ ẹ wo ìlà kẹta dáadáa. Yíǹkì ti pa rẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, 88 wá jọ 68. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ fi owó kóńgò sọ iye tó tà di púpọ̀. 1,000 lọ́nà 68 jẹ́ 68,000, ṣùgbọ́n ìyá kọ 88,000. Ohun kan tún wà tó yẹ kó fu yín lára: tó bá jẹ́ 68 ni, á jẹ́ pé owó gòkè sí 1,100, àwọn èèyàn sì tún ra gàrí sí i, wọ́n kúrò ní 68 bọ́ sí 72. Ẹ yẹ gbogbo ìlà wò báyìí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí nọ́ńbà kan tẹ́ ẹ bá ṣì kà máa ba ìṣírò méjì jẹ́, ti ìlà tó wà lókè rẹ̀ àti ti ìsàlẹ̀.

Ó yá. Ed ni ẹlasitísítì, Q ni iye kóńgò, P ni owó; 1 ni ti ìlà òkè, 2 ni ti ìlà tó tẹ̀ lé e:

```
Ed = [(Q2 − Q1) ÷ ((Q1 + Q2) ÷ 2)] ÷ [(P2 − P1) ÷ ((P1 + P2) ÷ 2)]
```

Ẹ jẹ́ ká mú 1,000 sí 1,100. Kóńgò kúrò ní 88 bọ́ sí 72, ìyẹn −16. Agbede-méjì 88 àti 72 ni 80. Ẹ fi 80 pín −16, ẹ ó rí −0.2. Ẹ bọ́ sí ọ̀dọ̀ owó: ó fi 100 lé, agbede-méjì sì ni 1,050. Ẹ fi 1,050 pín 100, ó jẹ́ 0.0952. Ní báyìí, ẹ fi 0.0952 pín −0.2, ẹ ó rí −2.1.

Àmì ìyọkúrò yẹn kàn ń sọ fún wa pé bí owó ṣe ń gòkè ni títà ń wálẹ̀. Ẹ fojú fò ó, kẹ́ ẹ wo 2.1. Ó ju 1 lọ, nítorí náà àwọn oníbàárà sá ju bí owó ṣe gòkè lọ, owó tó wọlé sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ẹ wo òpó kẹta: 88,000 di 79,200. Wọ́n bára mu.

Ọ̀nà kan náà lẹ ó gbà ṣe ìyókù. Láti 800 sí 900, ẹ ó rí −0.35. Láti 900 sí 1,000, −0.83. Méjèèjì ò tó 1, owó tó wọlé sì gòkè nígbà méjèèjì. Gàrí kan náà, ọlọ́jà kan náà, síbẹ̀ ìdáhùn ń yí padà bí owó ṣe ń gòkè. Ẹni tó bá ní “gàrí ò ní ẹlasitísítì” kò tíì dáhùn ìbéèrè. Láti iye wo sí iye wo?

Kí ló dé tá a fi ń wá agbede-méjì? Tẹ́ ẹ bá fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan pín, 1,000 sí 1,100 á fún yín ní 1.82, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti 1,100 padà sí 1,000, á di 2.44. Ó tún lè tàn yín jẹ. Ká ní 80 ló tà ní 1,100 ni, 88,000 náà ló máa wọlé, kò lé, kò dín. Fọ́múlà agbede-méjì á fún yín ní 1 géérégé. Ti nọ́ńbà àkọ́kọ́ á fún yín ní 0.91, ẹ ó sì rò pé owó á lé sí i.

Ṣé kí ìyá dúró ní 1,000 nígbà náà? Ẹ ṣe sùúrù, owó tó wọlé kì í ṣe èrè. Ká sọ pé ₦700 ni kóńgò kan ń ná an. Ní 1,000, ₦300 ló ń jẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́nà 88, ìyẹn ₦26,400. Ní 1,100, ₦400 lọ́nà 72, ₦28,800. Owó tó wọlé dín kù, èrè sì lé, torí owó gàrí tí kò tà kò sọnù, ó ṣì lè tà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń gba ọlọ́jà nímọ̀ràn òdì nìyí.

Ẹ tún bi ìyá léèrè ohun kan: ṣé àwọn tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà fowó lé tiwọn lọ́sẹ̀ yẹn? Tó bá jẹ́ òun nìkan ló fi lé e, 2.1 yẹn ń sọ bí oníbàárà ṣe ń yà sí ìsọ̀ kejì, kì í ṣe bí Ọ̀yọ́ ṣe ń jẹ gàrí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ọ̀sẹ̀ kan bá bọ́ sí àkókò ọdún. Ẹ yọ ìlà ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò nínú tábìlì, kẹ́ ẹ fi àwọn tó kù ṣírò.