Ìdámẹ́wàá, Aṣọ Ẹbí àti Owó tí a Fẹ́ Fi Pamọ́

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá olùkọ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù, mo kí yín o. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ẹni tó ń san ìdámẹ́wàá, tó ń gbọ́ bùkátà òbí, tí kì í sì í kọ̀ bí ẹbí bá pè, ṣe lè rí owó fi pamọ́. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń ṣe akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ohun tí ìwé owó sì fi hàn mí ni pé kì í ṣe ìdámẹ́wàá ló ń pa ìfowópamọ́ lára. Ìdámẹ́wàá kì í báni lójijì. Ẹni tó ń san án ti mọ iye rẹ̀ kí owó oṣù tó wọlé. Ìnáwó tí kò dá ọjọ́ ló ń ṣe é, ìyẹn aṣọ ẹbí, ìsìnkú, ìkómọjáde àti ìkórè, tí a máa ń pè ní àìròtẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ọdún tí wọn kì í dé.

Ẹ jẹ́ kí n mú olùkọ́ kan nílùú Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. 180,000 náírà ló ń dé ọwọ́ rẹ̀ lóṣù. Ó ń san ìdámẹ́wàá 18,000, ó ń fi 15,000 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ó sì ń fi 20,000 pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa. Lójú ìwé, 240,000 ló yẹ kó kó jọ lọ́dún. Ṣùgbọ́n ó yá 200,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó ń san án padà fún oṣù 10 pẹ̀lú èlé ìdá 10 nínú 100, ìyẹn 22,000 lóṣooṣù, kò sì lè fọwọ́ kan owó tó fi pamọ́ níwọ̀n ìgbà tí gbèsè bá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó fi owó náà ṣe, ó ní, "Bàbá akápò, ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ ẹbí." Mo bi í pé èló ló ń ná lórí ọ̀rọ̀ ẹbí lọ́dún. Ó ní kò lè ju 100,000 lọ.

Mo ní kó lọ jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tó mú wá lọ́sẹ̀ kejì wú mi lórí, nítorí ó fi abẹ́rẹ́ so ègé aṣọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú ìwé, léèsì lápá kan, àǹkárá lápá kejì. Aṣọ ẹbí márùn-ún ló rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 20,000, owó ìránṣọ sì jẹ́ 6,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ di 130,000. Ìsìnkú kan gba 60,000. Ìkómọjáde àti ìṣílé mẹ́sàn-án gba 4,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di 36,000. Ìkórè gba 40,000, owó ẹgbẹ́ obìnrin jẹ́ 2,000 lóṣù, ó di 24,000, ó sì dá 10,000 sí ọjọ́ ìlú wọn. Nígbà tí a ro ó pọ̀, 300,000 géérégé ni. Ó wo ìwé náà títí, ó wá rẹ́rìn-ín.

300,000 tí a pín sí oṣù 12 jẹ́ 25,000. Iye yẹn ló yẹ kó máa yọ sọ́tọ̀ lóṣooṣù, nínú àpò kan tí kì í ṣe àpò oúnjẹ, tí kì í sì í ṣe owó ìfowópamọ́. A pè é ní àpò ẹbí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé òun ò lè rí 25,000 yọ. Mo ní kó tún wò ó. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìdámẹ́wàá, owó ìyá, ìfowópamọ́ àti gbèsè, 105,000 ló kù fún oúnjẹ, ọkọ̀ àti àwọn ọmọ. Bí gbèsè bá parí, tí àpò ẹbí sì rọ́pò rẹ̀, 102,000 ló máa kù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju 3,000 lọ. Ó ti ń san owó ẹbí yẹn tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òde ló ń san án, tòun ti èlé 20,000.

Ibi tí a bá kó àpò ẹbí sí ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń rí owó lójoojúmọ́ lè gbé e fún alájọ, kó ṣáà mọ̀ pé dídá ọjọ́ kan lóṣù ni alájọ máa mú gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, àti pé bí alájọ bá sá lọ, kò sí ẹni tó máa dá owó padà. Fún olówó oṣù, àkáǹtì kejì tó yàtọ̀ sí èyí tí owó oṣù ń wọ̀ ti tó.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣòwò, nítorí àṣìṣe kan wà tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ wọn. Ìyá kan ta ọjà 400,000 lóṣù kan, ó sì yọ ìdámẹ́wàá 40,000 tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n 340,000 ló fi ra ọjà náà, 15,000 ló fi gbé e, èrè rẹ̀ kò ju 45,000 lọ. Ìdámẹ́wàá èrè yẹn jẹ́ 4,500. Ìyókù tó san, owó ọjà ló ti yọ ọ́, òun ló sì fà á tí igbá rẹ̀ fi ń kéré sí i lóṣooṣù láìmọ ìdí. Fún olówó oṣù, bóyá a ó ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí ni o, tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ òun àti ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ni. Kó ṣáà mú ọ̀kan, kó má sì yí i padà lóṣooṣù.

Tàwọn Mùsùlùmí yàtọ̀. Kì í ṣe orí owó oṣù ni sàká wà, orí owó tó dúró sọ́wọ́ ẹni fún ọdún òṣùpá kan ló wà, bó bá ti dé ìwọ̀n tí ẹ̀sìn là kalẹ̀, tí ọ̀pọ̀ fi gíráàmù 85 wúrà ṣe òdiwọ̀n. Ìdá 2.5 nínú 100 ni wọ́n máa yọ. Nítorí náà, kí ẹni tí owó rẹ̀ ń súnmọ́ ìwọ̀n yẹn kọ ọjọ́ tó dé ibẹ̀ sílẹ̀, kó má baà jẹ́ pé sàká yóò bá a lẹ́yìn tó ti kó gbogbo owó ra ilẹ̀.

Ibi tó le jù ni ìgbà tí àpò bá kéré sí ohun tí ẹbí béèrè. Ènìyàn laṣọ wa, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni yẹra fún ẹbí. Èrò tèmi ni pé kí a máa dín iye kù, kí a sì tètè sọ ọ́. Ẹni tó ní òun máa ra gèlè nìkan kí wọ́n tó lọ sọ́jà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gba aṣọ tí kò sanwó ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Lóṣù kẹjọ, ẹ̀gbọ́n olùkọ́ wa pè é pé àbúrò bàbá wọn ti kú, 60,000 sì ni wọ́n bù lé ọmọ kọ̀ọ̀kan. 80,000 ló wà nínú àpò ẹbí nígbà náà, ó sì mọ̀ pé ìgbéyàwó ọmọ ìyá òun ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. 40,000 ni agbára mi mọ, màá sì fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú." Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Fi ránṣẹ́ wá. Àwọn tó ṣèlérí 60,000 ò tíì gbé fóònù wọn láti àná."