Píìlì tí bàbà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ló dé tí mítà ṣì ń ka fóòtì kan?

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe bákì sọ ní Kétu nìyí, wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbí fáwọn tí ò wá.

Ẹ jẹ́ ká mú sínkì bọ inú omi sínkì sọ́fétì, bàbà náà bọ inú omi bàbà sọ́fétì, ká fi afárá iyọ̀ so méjèèjì. Tí áyọ́nù méjèèjì bá jẹ́ mólù 1 nínú lítà kan, ní 25 °C, mítà á ka 1.10 fóòtì. E° nìyẹn, ibi tó wà ló máa wà. E, fóòtì tí mítà ń ka lọ́wọ́lọ́wọ́, ló ń lọ sílẹ̀ bí sínkì ṣe ń yọ́ tí bàbà sì ń lẹ̀. Nernst, ará Jámánì, ló kọ bó ṣe ń lọ sílẹ̀ lọ́dún 1889:

```
E = E° - (0.0592/n) log Q
```

Ẹ́lẹ́kítírọ́nù 2 ló ń kọjá, n nìyẹn. Q ńkọ́? Áyọ́nù sínkì lókè, ti bàbà nísàlẹ̀, irin líle kì í wọ̀ ọ́. (Ìwé Faransé yín máa ń kọ 0,06, kò burú.)

Ó dáa, ká ní nínú áyọ́nù bàbà 1000, 999 ti lọ. Bàbà ku 0.001, sínkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 2, Q jẹ́ 2000, lọ́gì rẹ̀ 3.30. Ẹ fi 0.0296 lù ú, ó di bíi 0.10. E = 1.00 fóòtì. Ẹ wò ó, bàbà ti tán lójú, ìdá kan nínú mọ́kànlá péré ló sì kúrò lára fóòtì! Lọ́gì ló fà á: ìlọ́po mẹ́wàá Q kò ju 0.03 fóòtì lọ.

Ọmọ kan dojú Q délẹ̀, ó rí 1.20. Mo ní kó wò ó dáadáa, ohun tí píìlì ń jẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣé agbára ẹ̀ á tún wá pọ̀ sí i ni? Òmíì tẹ `ln` dípò `log`, ó rí bíi 0.87.

Ọ̀kan wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá kú pátápátá, ṣé E° ló di òdo?" Rárá o, E ló di òdo, Q ìgbà yẹn la ń pè ní K:

```
log K = nE°/0.0592 = 2 × 1.10/0.0592 ≈ 37
```

Kí Q tó tó bẹ́ẹ̀, áyọ́nù bàbà kan ṣoṣo ò ní ṣẹ́ kù nínú lítà kan, torí náà ẹnikẹ́ni ò lè fi òṣùwọ̀n wọn bàbà yẹn kó fi mọ K, mítà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá fi tíìnì rọ́pò sínkì, kí òjé rọ́pò bàbà, E° wọn ò ju bíi 0.01 lọ, K á jẹ́ bíi 2.2. Tí ẹ bá fi mólù 1 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìgbà tí mítà bá ka òdo, áyọ́nù òjé tó ṣì kù nínú omi ju ìdajì lọ.